Bí ẹ ṣe lè mọ ẹni tó ṣe ìpara láti inú fọ́tò kóló rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi fọ́tò kóló ìpara méjì ránṣẹ́ sí mi. Ó ti lo àkọ́kọ́ títí ó fi kù díẹ̀ nídìí kóló, kò sì rí wàhálà kankan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìkejì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń yún un títí ilẹ̀ fi mọ́. Orúkọ kan náà ló wà lára kóló méjèèjì. Àwọ̀ wọn bára mu, ọmọrí wọn náà bára mu. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ẹnì kan náà ló ṣe méjèèjì?

Mo ní kó dáwọ́ ìkejì dúró, kó má sì jù ú nù. Lẹ́yìn náà la jókòó ti fọ́tò. Ọ̀nà tí a gbà yẹ̀ ẹ́ wò ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú, bẹ́ẹ̀ ohun tó rọrùn jù láti dà kọ ni orúkọ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń wá

Ó kéré tán, ọwọ́ mẹ́ta ló máa ń kan kóló ìpara kan. Ọwọ́ kìíní ni ti ẹni tó rọ kóló, ìyẹn ilé iṣẹ́ oníke tàbí onígíláàsì. Ọwọ́ kejì ni ti ẹni tó ni orúkọ ọjà. Ọwọ́ kẹta ni ti ẹni tó po ìpara tó sì rọ ọ́ sínú kóló. Nígbà mìíràn ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ó wọ́pọ̀ gan-an pé kí wọ́n jẹ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta tí kò bára tan. Oníkálùkù ló sì ń fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ibi tirẹ̀. Àmì ẹni tó rọ kóló wà nídìí kóló. Ti ẹni tó ni ọjà wà nínú lẹ́tà iwájú àti àdírẹ́sì ẹ̀yìn. Ti ẹni tó po ìpara wà nínú nọ́ńbà báàṣì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ pé inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bu ìpara yìí àti ti àwọn kóló mìíràn tó ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ti sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé a máa ń ka àmì ọ̀kan, a ó sì gbà pé ti èkejì ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gba fọ́tò tó ṣe é kà

Mẹ́rin ni mo máa ń béèrè: iwájú, ẹ̀yìn níbi tí ìwé wínníwínní wà, ìdí kóló, àti ẹnu kóló nígbà tí ọmọrí ti kúrò. Bí páálí rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ béèrè fọ́tò páálí náà pẹ̀lú. Kí ẹni tó ń yà á dúró bí ìwọ̀n apá kan àtààbọ̀ sí kóló, kó wá fi fóònù fà á mọ́ra. Bó bá gbé fóònù sún mọ́ kóló jù, ibi tó wà níwájú á wú, ẹ̀gbẹ́ á sì tẹ̀, kóló tó tọ́ gbọnrangandan á wá dà bí èyí tó yọ ikùn.

Kí ó má tan iná fóònù sí i. Iná tó bá ti iwájú wá máa ń pa lẹ́tà tí wọ́n rọ mọ́ ara kóló rẹ́, nítorí kò ní jẹ́ kí òjìji wà. Ó sàn kí wọ́n gbé kóló sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Fún ìdí kóló, ẹ ní kí wọ́n pa iná yàrá, kí wọ́n tẹ́ tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ máa fò kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á ní òjìji tirẹ̀, èyí tí ojú lásán kò rí á wá hàn kedere.

Nǹkan kan wà tó ti gba àkókò lọ́wọ́ mi rí: bí wọ́n bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bí a ṣe máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó máa ń dín in kù, lẹ́tà kéékèèké á sì yọ́ pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fáìlì. Iyàtọ̀ tó wà láàárín 3 àti 8 nínú nọ́ńbà báàṣì lè wà nínú ìyẹn nìkan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìrísí kóló àti ìdí rẹ̀

Ẹ má wo bó ṣe ga tó nìkan. Ẹ wo èjìká rẹ̀, ìyẹn ibi tí ara kóló ti ń wọ inú lọ kó tó di ọrùn. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ọmọrí àti ara kóló, bóyá ó há tàbí ó fẹ̀. Ẹ wo etí ọmọrí bóyá ó dán tàbí wọ́n fa ìlà wẹ́wẹ́ sí i kí ọwọ́ má baà yọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Kóló kan wà tó jẹ́ awẹ́ méjì, abọ́ kékeré kan jókòó sínú èyí tó tóbi. Ẹnu irú kóló bẹ́ẹ̀ máa ń nípọn, ẹ ó sì rí ojú ìlà níbi tí awẹ́ méjèèjì ti pàdé. Ó máa ń jẹ́ kí ìpara díẹ̀ dà bí èyí tó pọ̀. Kóló oníwẹ́ kan kò ní ìlà yẹn.

Báwo ni ìrísí ṣe lágbára tó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí? Ó dá lórí bóyá wọ́n dìídì rọ kóló náà fún ọjà yẹn ni tàbí wọ́n rà á lọ́jà. Àwọn oníke máa ń rọ kóló lásán tí ẹnikẹ́ni lè rà, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ pè é. Èyí tí wọ́n ń pè ní 70-400, bí àpẹẹrẹ, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 70, 400 sì ni irú ojú ìdè tí ọmọrí ń tẹ̀ lé. Irú kóló yìí kan náà lè wà lọ́wọ́ ogún ilé iṣẹ́ ìpara. Nítorí náà, bí kóló bá jẹ́ lásán, ìrísí rẹ̀ kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni fún yín. Àmọ́ bí wọ́n bá rọ orúkọ ọjà mọ́ ara kóló tàbí mọ́ ọmọrí, ẹ̀rí yẹn wúwo ju bébà ara rẹ̀ lọ, nítorí irin tí wọ́n fi ń rọ ọ́ wọ́n, èèyàn kì í sì í ṣe é fún kóló díẹ̀.

Ìdí kóló ló ń tan èèyàn jù. Lára kóló oníke, ẹ ó rí ọfà mẹ́ta tó yí ara wọn ká pẹ̀lú nọ́ńbà kan láàárín. 5 pẹ̀lú PP lábẹ́ rẹ̀ ń sọ irú ike tó jẹ́, 1 pẹ̀lú PET ń sọ irú mìíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lè ní nọ́ńbà kékeré kan, 7 tàbí 12, tí wọ́n rọ mọ́ ike náà. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe báàṣì. Irin tí wọ́n fi ń rọ kóló máa ń ní ihò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà yẹn sì ń sọ inú ihò tí kóló yìí ti jáde. Kóló méjì láti inú páálí kan náà lè ní 7 àti 12, kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀kan jẹ́ ayédèrú.

Tí kóló bá jẹ́ gíláàsì àtijọ́, pàápàá àwọn funfun bíi wàrà tí wọ́n fi ń ta ìpara láyé àtijọ́, ẹ ṣọ́ra gidi. Ẹ lè rí H tí A jókòó sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa wá ìpara tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HA kiri. Hazel-Atlas ni, ilé iṣẹ́ gíláàsì ní Amẹ́ríkà. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi tí H wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti Anchor Hocking. Dáyámọ́ńdì tí O àti I wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti Owens-Illinois, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1929. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó po ìpara. Síbẹ̀ wọ́n wúlò, nítorí wọ́n ń sọ pé kóló náà kò lè dàgbà ju àmì ìdí rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: lẹ́tà

Bí ẹ bá ti ní orúkọ kan lọ́kàn, ẹ wá fọ́tò ọjà náà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ni ín fúnra rẹ̀, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má ka orúkọ náà. Ẹ wo lẹ́tà bí ẹni tí kò mọ̀wé kà, lọ́kọ̀ọ̀kan. R ni mo máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ gún ni tàbí ó tẹ̀, ṣé ara ikùn ló ti jáde ni tàbí ara òpó? Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà a àti g kékeré: ṣé lẹ́tà a ní orùlé lórí, ṣé ìrù g tì pa ni tàbí ó ṣí sílẹ̀? Lẹ́yìn náà ni àlàfo láàárín lẹ́tà. Ẹni tó ń da orúkọ kọ máa ń rí lẹ́tà tó jọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń yà lẹ́tà orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n á sì fún A àti V mọ́ra títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ara wọn. Àlàfo yìí ni adàkọ sábà máa ń gbàgbé.

Ẹ wo etí lẹ́tà náà pẹ̀lú. Bí orúkọ gàdàgbà bá mú kedere tí ìwé wínníwínní ẹ̀yìn sì rí bí ẹni pé ó wú, tí ihò inú lẹ́tà e ti dí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ya fọ́tò bébà gidi kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn orúkọ èròjà ni ẹ fi ń dán an wò. Aqua, Glycerin, Cetearyl Alcohol: ọ̀nà ìkọ̀wé wọn kì í yí padà láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́. Àṣìṣe kan níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tán, ṣùgbọ́n méjì tàbí mẹ́ta ti ń sọ̀rọ̀.

Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn: lẹ́tà máa ń yí padà láìjẹ́ pé ẹni tó ṣe ọjà yí padà. Agolo Nivea ti 1911 jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, ó sì ní ọ̀ṣọ́ lára. Ní 1925 ló di búlúù pẹ̀lú lẹ́tà funfun. Ilé iṣẹ́ Beiersdorf ní Hamburg ló ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá fi èyí tó mọ̀ lónìí wọn yẹ́lò yẹn lè sọ pé ayédèrú ni. Ó sì tún lè yí sí òdìkejì: orúkọ dúró, ẹni tó ni ín yí padà. Pond's àti Chesebrough tó ń ṣe Vaseline jẹ́ ilé iṣẹ́ méjì kí wọ́n tó di ọ̀kan ní 1955, lẹ́yìn náà ni Unilever ra gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé ta ló ṣe kóló Pond's kan, ìdáhùn náà kò lè dá dúró láìsí ọdún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àdírẹ́sì ẹ̀yìn

Èyí kúrú. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ṣáájú orúkọ ilé iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, bí orúkọ tó wà lára ọjà kò bá jẹ́ ti ẹni tó ṣe é, òfin ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ bíi Manufactured for tàbí Distributed by ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ ti mọ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kọ́ ló po ìpara. Ní Yúróòpù, òfin 1223/2009 ní kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó máa dáhùn fún ọjà wà lára rẹ̀. Bí àdírẹ́sì bá ju ẹyọ kan lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi èyí tí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà náà wà níbẹ̀ hàn yàtọ̀, wọ́n sì sábà máa ń fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó máa dáhùn yìí lè jẹ́ ẹni tó kó ọjà wọlé lásán, àmọ́ òun gan-an ni ẹni tí ẹ ó kọ̀wé sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nọ́ńbà báàṣì

Ẹ wá a nídìí kóló, létí bébà tàbí lára páálí. Òfin Yúróòpù kan náà gbà kí ó wà lára páálí nìkan bí kóló bá kéré jù, nítorí náà kóló tí kò ní báàṣì kì í ṣe ayédèrú tààrà. Ẹ má sì fi àwòrán kóló kékeré tó ṣí ọmọrí pè é. Nọ́ńbà tó wà nínú àwòrán yẹn, bíi 12M, ń sọ pé oṣù méjìlá ni ìpara náà á fi dára lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i.

Kí ẹ tó ka báàṣì, ẹ wo bó ṣe dé ibẹ̀. Ìgbà tí ìpara ti wọ inú kóló tàbí nígbà tó kù díẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ọjọ́ yẹn ló ń sọ. Bébà ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú. Nítorí náà báàṣì sábà máa ń yàtọ̀ sí ìyókù ìwé: ó lè jẹ́ tóótòòtó yíǹkì dúdú tó tò bíi kókó ìlẹ̀kẹ̀, ó wọ́ díẹ̀, kò gún régé pẹ̀lú ìlà bébà. Ó lè jẹ́ pé iná ni wọ́n fi jó o sára ike. Bí báàṣì bá wà nínú yíǹkì kan náà, irú lẹ́tà kan náà, tó gún régé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó kù, á jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n tẹ bébà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Kóló ẹgbẹ̀rún kan á ní nọ́ńbà kan náà. Àwọn onípara kékeré tó ń tẹ bébà fúnra wọn lójoojúmọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀tàn. Ilé iṣẹ́ ńlá kì í sábà ṣe é.

Kíkà rẹ̀ wá ńkọ́? Kò sí ìlànà kan tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ọ̀kan wọ́pọ̀: nọ́ńbà ìparí ọdún, kí iye ọjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tẹ̀ lé e. Ẹ mú 5061. 5 ni ọdún, 061 ni ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta. Oṣù kìíní ní ọjọ́ 31, oṣù kejì ní 28, ó di 59, nítorí náà ọjọ́ kejì oṣù kẹta ni. Àmọ́ 5 lè jẹ́ 2015 tàbí 2025. Ìrísí kóló àti lẹ́tà tí ẹ ti yẹ̀ wò ló máa yàn fún yín. Bí ọjọ́ bá ju 366 lọ, bíi 5412, ẹ jáwọ́ nínú ìlànà yìí, kì í ṣe òun ni ilé iṣẹ́ yẹn ń lò.

Kóló méjì ẹ̀gbọ́n mi

Méjèèjì jẹ́ ike funfun, kúkurú, ẹnu wọn fẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ní ìlà lẹ́nu, oníwẹ́ méjì ni. Ìkejì kò ní. Mo kọ èyí sílẹ̀, n kò sì dájọ́, nítorí ilé iṣẹ́ lè pààrọ̀ kóló. Ìdí àkọ́kọ́ ní 5 àti PP pẹ̀lú 7 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti ìkejì náà ní 5 àti PP, pẹ̀lú 12. Ẹ̀gbọ́n mi ti di 12 yẹn mú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, mo ní kó fi í sílẹ̀.

Nígbà tí a dé orí lẹ́tà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹsẹ̀ R lára àkọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀ kó tó kanlẹ̀, bíi ti fọ́tò tó wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà. Ti ìkejì gún bí igi. Ní ẹ̀yìn kóló ìkejì, àdírẹ́sì kan náà ló wà níbẹ̀, àmọ́ ìlà tó wà lábẹ́ àdírẹ́sì kejì lára àkọ́kọ́ ti pòórá. Glycerin di Glyceirn. Ihò inú gbogbo e ti dí.

Báàṣì àkọ́kọ́ jẹ́ tóótòòtó nídìí kóló, 5061 pẹ̀lú lẹ́tà kan àti aago. Ti ìkejì wà lára bébà, yíǹkì búlúù kan náà pẹ̀lú ìlò ọjà, ó gún régé. Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5412.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí àdírẹ́sì tí wọ́n fa ìlà sí lábẹ́. Ó fi fọ́tò mẹ́jọ sí i, mẹ́rin fún kóló kọ̀ọ̀kan, ó kọ báàṣì méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe rí i gan-an, ó sì sọ ibi tó ti ra ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ṣe ojú rẹ̀. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè méjì péré: ṣé tiyín ni báàṣì yìí, ilé iṣẹ́ wo ló sì pò ó? Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ tiwọn, ilé iṣẹ́ mìíràn ló sì ń po ó fún wọn; wọ́n dárúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà ìkejì kò sí nínú ìwé wọn, wọ́n sì ní kó fi kóló náà ránṣẹ́.

Ẹni tó po ìkejì, fọ́tò kò lè sọ ọ́. Ó sọ ẹni tí kì í ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi di ọmọrí rẹ̀ pa, ó fi í sínú ọ̀rá pẹ̀lú rìsíìtì, ó sì mú ìyókù tó ṣẹ́ kù nídìí àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara pẹ̀lú fọ́tò èròjà méjèèjì.